Rẹ́fúrẹ́ǹsì láti ọwọ́ ọ̀gá àtijọ́ ní England: ohun tí òfin gbà kó sọ nípa òṣìṣẹ́ tó ti lọ

Ọ̀rọ̀ kan wà tí àwa Yorùbá tó ń ṣiṣẹ́ ní England máa ń sọ fún ara wa bí ẹni pé inú òfin la ti kà á: pé ọ̀gá téèyàn ti kúrò lọ́dọ̀ rẹ̀ kò gbọdọ̀ sọ ohun tí kò dáa nípa ẹni. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Bí òṣìṣẹ́ bá máa ń pẹ́ dé ibi iṣẹ́, tó wà nínú fáìlì, tí wọ́n sì ti kìlọ̀ fún un nípa rẹ̀, ọ̀gá lè kọ ọ́ sínú rẹ́fúrẹ́ǹsì kí òfin má sì mú un. Ohun tí òfin kọ̀ ni irọ́, ẹ̀sùn tí ẹnikẹ́ni kò wádìí tí wọ́n wá kọ bí òtítọ́, àti òótọ́ tí wọ́n gé ní ìdajì kó lè ṣi ẹni tó ń kà á lọ́nà.

Òṣìṣẹ́ kíà ni mo ní lọ́kàn jù bí mo ṣe ń kọ èyí, nítorí ọ̀rọ̀ yìí le lórí wọn ju ti ẹni tó ń ta ọjà ní ṣọ́ọ̀bù lọ. Ní ọ̀pọ̀ iṣẹ́, òfin kò fi dandan lé e pé kí ọ̀gá kọ rẹ́fúrẹ́ǹsì rárá, àyàfi tí ìwé àdéhùn iṣẹ́ bá sọ bẹ́ẹ̀, tàbí tó bá jẹ́ irú iṣẹ́ báńkì àti ìdókòwò tó ní òfin tirẹ̀. Ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ kò tiẹ̀ ń kọ ju ọjọ́ téèyàn bẹ̀rẹ̀, ọjọ́ tó parí, àti orúkọ iṣẹ́ tó ṣe lọ. Ṣùgbọ́n àwọn òfin ọdún 2014 tí CQC fi ń ṣọ́ àwọn ilé ìtọ́jú sọ pé kí ẹni tó fẹ́ gba òṣìṣẹ́ kíà kọ́kọ́ rí ẹ̀rí tó tẹ́ ẹ lọ́rùn nípa ìwà onítọ̀hún níbi iṣẹ́ ìtọ́jú tó ti ṣe rí, kó sì wádìí ìdí tó fi kúrò níbẹ̀. Nítorí náà, bí rẹ́fúrẹ́ǹsì ìlà méjì bá dé, mánéjà tuntun á gbé fóònù. Orí fóònù yẹn ni ọ̀rọ̀ ti sábà máa ń bàjẹ́.

Ìgbésẹ̀ kìíní: ẹ mọ ohun tó so ọwọ́ ọ̀gá

Títí di ọdún 1994, ẹni tí rẹ́fúrẹ́ǹsì bá bà lórúkọ jẹ́ kò fi bẹ́ẹ̀ ní ọ̀nà àbáyọ. Ó lè pe ẹjọ́ ìbanilórúkọjẹ́, ṣùgbọ́n ó gbọ́dọ̀ fi hàn pé inú burúkú ni ọ̀gá fi kọ ọ́, ìyẹn kò sì rọrùn láti fi hàn. Ẹjọ́ Spring àti Guardian Assurance ló yí i padà. Ọ̀gbẹ́ni Spring ń ta ìbánigbófò. Nígbà tó wá iṣẹ́ lọ sí ilé iṣẹ́ mìíràn, àwọn tó fi sílẹ̀ kọ̀wé pé ìwà òtítọ́ rẹ̀ kò tó nǹkan, àti pé a kò lè pè é ní olóòótọ́. Ẹni tó kọ ọ́ gbà gbọ́ pé bẹ́ẹ̀ ló rí. Àṣìṣe ibẹ̀ ni pé kò fara balẹ̀ wádìí. Ilé Àwọn Lọ́ọ̀dù, tó jẹ́ kóòtù tó ga jùlọ nígbà náà, sọ pé ìgbàgbọ́ nìkan kò tó: ọ̀gá tó bá gbà láti kọ rẹ́fúrẹ́ǹsì jẹ òṣìṣẹ́ náà ní gbèsè ìfarabalẹ̀, bí kò bá sì fara balẹ̀, ó lè san owó ìtánràn fún ohun tí òṣìṣẹ́ pàdánù.

Láti ìgbà náà, òdiwọ̀n mẹ́ta ni kóòtù fi ń wọn rẹ́fúrẹ́ǹsì: kó jẹ́ òótọ́, kó péye, kó sì tọ́ sí ẹni tí wọ́n ń sọ̀rọ̀ rẹ̀. Ẹ kíyè sí i pé kò sí ibi tí wọ́n ti ní kó dùn, wọn ò sì ní kó kún dẹ́nu. Ọkùnrin kan, Bartholomew, fẹ̀sùn kan ìjọba ìbílẹ̀ Hackney nítorí wọ́n kọ ọ́ sínú rẹ́fúrẹ́ǹsì pé wọ́n ti dá a dúró lẹ́nu iṣẹ́ lórí ẹ̀sùn ìwà àìtọ́ tó burú, àti pé bó ṣe lọ ló mú kí ọ̀rọ̀ náà parí láìsí ìdájọ́. Òótọ́ ni gbogbo rẹ̀. Kóòtù kò-tẹ́-mi-lọ́rùn sọ pé Hackney kò jẹ̀bi. Kódà, bí wọ́n bá kọ ọ́ pé ó kàn fẹ̀tọ̀ fiṣẹ́ sílẹ̀, tí wọ́n sì fi ìyókù pamọ́, ẹni tó ń gbà á síṣẹ́ ni wọn ìbá tàn jẹ, nítorí ọ̀gá jẹ òun náà ní òtítọ́.

Ìgbésẹ̀ kejì: ẹ ya ohun tó ṣẹlẹ̀ sọ́tọ̀ kúrò lára ohun tí wọ́n fura sí

Ibí ni ọ̀pọ̀ ìjà ti ń bẹ̀rẹ̀, nítorí òṣìṣẹ́ sábà máa ń lọ kí wọ́n tó parí ìwádìí. Ẹjọ́ méjì ló tan ìmọ́lẹ̀ sí i jù lójú tèmi, ó sì dáa kí ẹ kà wọ́n pọ̀.

Ní ti Cox àti Sun Alliance, mánéjà ẹ̀ka kan lọ lábẹ́ àdéhùn. Lẹ́yìn náà ni ilé iṣẹ́ sọ ohun tó jẹ́ kó dà bíi pé ìwà àìṣòótọ́ ló lé e lọ. Ẹ̀sùn yẹn, wọn ò fi síwájú rẹ̀ rí, wọn ò sì wádìí rẹ̀ parí. Kóòtù kò-tẹ́-mi-lọ́rùn sọ ní 2001 pé ọ̀gá gbọ́dọ̀ mọ ọ̀rọ̀ burúkú rẹ̀ mọ sórí ohun tó ti wádìí bó ṣe yẹ, tó sì ní ìdí gidi láti gbà gbọ́.

Ọdún mẹ́wàá lẹ́yìn ìyẹn ni ti Jackson àti ìjọba ìbílẹ̀ Liverpool. Lẹ́yìn tí ọkùnrin yìí ti kúrò ni ọ̀rọ̀ yọjú nípa bó ṣe ń kọ àkọsílẹ̀ iṣẹ́ rẹ̀. Nígbà tí wọ́n béèrè rẹ́fúrẹ́ǹsì, Liverpool sọ pé àwọn ìbéèrè kan wà tí wọn ò tíì wádìí, nítorí náà àwọn ò lè sọ bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́. Jackson pàdánù iṣẹ́ náà. Kóòtù kékeré dá a láre, ṣùgbọ́n kóòtù kò-tẹ́-mi-lọ́rùn yí ìdájọ́ padà: Liverpool ti sọ ọ́ gbangba pé ẹ̀sùn lásán ni, wọn ò sọ pé ó jẹ̀bi. Ìdájọ́ yìí dùn mí díẹ̀, nítorí ẹni tó gbọ́ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ kò ní gba onítọ̀hún síṣẹ́ rárá. Síbẹ̀ òun ni òfin. Ọ̀gá lè sọ pé ẹ̀sùn wà, bó bá sọ pé ẹ̀sùn ni, tó sì sọ ibi tí ìwádìí dé.

Ìgbésẹ̀ kẹta: ẹ ka ìwé náà ní ìlà kọ̀ọ̀kan

Ẹ jẹ́ ká mú àpẹẹrẹ kan tí mo hun fúnra mi. Ká pe obìnrin náà ní Bọ́sẹ̀. Ó ṣiṣẹ́ ní ilé ìtọ́jú àwọn àgbà láti oṣù kẹta 2021 títí di oṣù kẹfà 2024. Ní ọ̀sẹ̀ tó gbẹ̀yìn, wọ́n rí i pé wóró oògùn alẹ́ bàbá àgbà kan kò sí nínú páálí, kò sì sí ìbuwọ́lùwé nínú ìwé oògùn lálẹ́ ọjọ́ náà. Àwọn méjì ló wà lẹ́nu iṣẹ́. Mánéjà kọ ímeèlì sí Bọ́sẹ̀ pé wọ́n á pè é sí ìpàdé, ṣùgbọ́n ó ti kọ̀wé fiṣẹ́ sílẹ̀ ṣáájú, ọjọ́ rẹ̀ sì pé kí ìpàdé tó wáyé. Nígbà tí ibi iṣẹ́ tuntun béèrè, ohun tí mánéjà kọ nìyí:

«Oògùn máa ń sọnù lọ́wọ́ rẹ̀. Ó sá lọ nígbà tí a fẹ́ wádìí rẹ̀. Ní 2023, kò sí níbi iṣẹ́ fún ọ̀pọ̀ ọjọ́. A ò ní gbà á padà.»

Ìlà àkọ́kọ́ kò lè dúró. Ẹ̀ẹ̀kan ni oògùn sọnù, «máa ń» sì sọ ọ́ di àṣà. Pẹ̀lú ìyẹn, kò tíì hàn pé ọwọ́ Bọ́sẹ̀ ló ti sọnù nígbà tó jẹ́ pé àwọn méjì ló wà níbẹ̀. Irú èyí gan-an ni ẹjọ́ Cox kọ̀.

Ìlà kejì fi òótọ́ pa irọ́. Lóòótọ́ ló lọ kí ìpàdé tó wáyé. Ṣùgbọ́n déètì tó wà lórí ìwé ìfiṣẹ́sílẹ̀ rẹ̀ ṣáájú déètì ímeèlì mánéjà, nítorí náà «sá» kò bá a mu. Déètì méjèèjì yìí ni ẹ̀rí tó lágbára jù tí Bọ́sẹ̀ ní, wọ́n sì wà nínú fóònù rẹ̀.

Ìlà kẹta gba sùúrù. Ọ̀gá lè sọ iye ọjọ́ tí òṣìṣẹ́ kò wá. Àmọ́ bí Bọ́sẹ̀ bá lóyún ní 2023, tó jẹ́ àìsàn oyún ló dá a dúró sílé, tàbí tó bá ní àìlera tí òfin kà sí abarapá, a ti kọjá sí ọ̀rọ̀ òfin ìdọ́gba ọdún 2010 nìyẹn, mo sì máa padà sí i.

Ìlà kẹrin wá ya àwọn èèyàn lẹ́nu: ó lè dúró. Èrò ni. Bí èrò náà bá jẹ́ tòótọ́, tó sì ní ìdí tó mọ́gbọ́n wá, òfin kò dí i lọ́wọ́. Bó bá jẹ́ orí ìlà àkọ́kọ́ nìkan ló dúró lé, ó máa bá a wó.

Báyìí ni mánéjà kan náà ìbá kọ ọ́ kí ẹnikẹ́ni má rí i mú:

«Ó ṣiṣẹ́ níbí láti oṣù kẹta 2021 dé oṣù kẹfà 2024, òun ló sì kọ̀wé fiṣẹ́ sílẹ̀. Lẹ́yìn tó ti kọ̀wé, a rí i pé oògùn kan kò sí níye, kò sì sí ìbuwọ́lùwé, nígbà tí òun àti òṣìṣẹ́ mìíràn wà lẹ́nu iṣẹ́. Kò sí ìwádìí tó parí kó tó lọ, a ò sì lè sọ ẹni tó fà á. Ṣáájú ìyẹn, kò sí ìkìlọ̀ kankan nínú fáìlì rẹ̀.»

Ẹ rí i pé kò dùn. Bọ́sẹ̀ kò ní fẹ́ràn rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí mánéjà bá kọ èyí, kò sí lọ́yà tó máa gba ẹjọ́ rẹ̀ tayọ̀tayọ̀. Gbólóhùn tó gbẹ̀yìn ṣe pàtàkì púpọ̀: bí ọ̀gá bá yàn láti sọ aburú kan, tó sì fi ọdún mẹ́ta tó mọ́ pamọ́, àwòrán tó yà lè ṣini lọ́nà bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò sí irọ́ nínú rẹ̀. Nínú ẹjọ́ TSB Bank àti Harris, báńkì to ẹ̀sùn 17 tí àwọn oníbàárà fi kan obìnrin kan jọ sínú rẹ́fúrẹ́ǹsì, láì sọ ohun rere kan nípa ìwà àti iṣẹ́ rẹ̀. Ọ̀pọ̀ nínú ẹ̀sùn náà, kò gbọ́ nípa wọn rí títí tó fi pàdánù iṣẹ́ tuntun tó ń wá. Kóòtù dá a láre.

Bí mánéjà bá gbà gbọ́ lóòótọ́ pé Bọ́sẹ̀ ṣe àwọn àgbà ní ibi, tí wọn ìbá sì ti yọ ọ́ níṣẹ́ ká ní kò lọ, òfin ní kó fi ọ̀rọ̀ náà tó DBS létí, ìyẹn àjọ ìjọba tó lè dí ẹni tó léwu lọ́wọ́ iṣẹ́ ìtọ́jú. Ó yẹ kí ọ̀gá tó ń sọ ọ́ lábẹ́lẹ̀ lórí fóònù, tí kò sì ròyìn fún DBS, ṣàlàyé ìdí tó fi ṣe bẹ́ẹ̀.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: ohun tí òótọ́ kò lè gbà là

Òfin ìdọ́gba kò parí lọ́jọ́ téèyàn fiṣẹ́ sílẹ̀. Ọ̀gá kò lè fi rẹ́fúrẹ́ǹsì ṣe ojúsàájú nítorí ẹ̀yà, ẹ̀sìn, oyún, ọjọ́ orí tàbí àìlera, kò sì lè fi gbẹ̀san lára ẹni tó fẹ̀sùn ẹlẹ́yàmẹ̀yà kàn án. Ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Jessemey ni Rowstock lé lẹ́nu iṣẹ́ nítorí pé ó ti ju ẹni ọdún 65 lọ. Ó gbé wọn lọ sí kóòtù òṣìṣẹ́, wọ́n sì kọ rẹ́fúrẹ́ǹsì burúkú fún un nítorí ìyẹn. Ní 2014 kóòtù kò-tẹ́-mi-lọ́rùn sọ pé irú ẹ̀san bẹ́ẹ̀ lòdì sí òfin, kódà lẹ́yìn tí iṣẹ́ ti parí. Bákan náà ló rí fún òṣìṣẹ́ tó tú àṣírí ohun tó léwu níbi iṣẹ́.

Ti Pnaiser ni mo fẹ́ kí òṣìṣẹ́ kíà mọ̀ dáadáa. Obìnrin yìí ti ní àdéhùn pẹ̀lú ìjọba ìbílẹ̀ Coventry, wọ́n sì ti fẹnu kò lórí ohun tí rẹ́fúrẹ́ǹsì máa sọ. Ìwé náà dára. NHS England fún un níṣẹ́. Lẹ́yìn náà ni mánéjà àtijọ́ gba fóònù, tó sì sọ pé ó máa ń ṣàìsí níbi iṣẹ́ gan-an, òun kò sì ní dábàá rẹ̀ fún iṣẹ́ náà. Àìlera rẹ̀ ló fa àìsí yẹn. Wọ́n gba iṣẹ́ náà padà lọ́wọ́ rẹ̀, kóòtù sì dá a láre. Rẹ́fúrẹ́ǹsì ni ọ̀rọ̀ ẹnu jẹ́ pẹ̀lú.

Ẹ tún mọ̀ pé ẹni tó ń wá òṣìṣẹ́ kò gbọdọ̀ béèrè nípa ìlera kó tó fún èèyàn níṣẹ́, bí kò bá jẹ́ nítorí ohun díẹ̀ tí òfin yọ̀ǹda. Bí fọ́ọ̀mù rẹ́fúrẹ́ǹsì bá béèrè iye ọjọ́ àìsàn ṣáájú ìgbà yẹn, ẹni tó fi fọ́ọ̀mù ránṣẹ́ ti ṣe ohun tó lè kó o sí wàhálà.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: bí ẹ bá ń lọ, ẹ ṣètò rẹ̀ kí ẹ tó lọ

Bí ẹ bá ń lọ lábẹ́ àdéhùn, tí lọ́yà wà níbẹ̀ tàbí tí ACAS ń bá yín làjà, ẹ jẹ́ kí ọ̀rọ̀ rẹ́fúrẹ́ǹsì fúnra rẹ̀ wà ní ẹ̀yìn àdéhùn náà bí ìwé tó dá dúró. Ẹ fi gbólóhùn kan kún un pé bí ẹnikẹ́ni bá pe fóònù, ohun tó wà nínú ìwé nìkan ni wọ́n máa tún sọ. Ẹ sọ orúkọ ipò ẹni tí yóò máa dáhùn, bíi mánéjà tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́, kí ìbéèrè má bàa já sọ́wọ́ ẹni tí ẹ jọ jà. Àdéhùn kò lè fi aburú tó kan ààbò àwọn àgbà tàbí ọmọdé pamọ́ ṣá, kí ẹ má fi owó ra irú ìlérí bẹ́ẹ̀.

Ẹni tó wà lórí físà òṣìṣẹ́ ìtọ́jú ní ìṣòro mìíràn. Ọ̀gá gbọ́dọ̀ ròyìn fún Home Office láàárín ọjọ́ iṣẹ́ 10 pé ẹ ti lọ, ìyẹn kì í ṣe rẹ́fúrẹ́ǹsì, ẹ kò sì lè dí i lọ́wọ́. Bí Home Office bá gé físà kúrú, ọjọ́ 60 ni wọ́n sábà máa ń fúnni láti rí ọ̀gá tuntun. Nítorí náà, ẹ gba ẹ̀dà ìwé ìyẹ̀wò iṣẹ́, ìwé ẹ̀kọ́ oògùn, àti lẹ́tà ìyìn yín kí wọ́n tó ti ímeèlì iṣẹ́ yín pa. Orúkọ àti àkọsílẹ̀ àwọn tí ẹ ń tọ́jú kò gbọdọ̀ bá yín jáde.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: bí wọ́n bá gba iṣẹ́ tuntun padà lọ́wọ́ yín

Ẹ kọ́kọ́ kọ̀wé sí ibi tuntun, kì í ṣe sí ọ̀gá àtijọ́. Ẹ fi ọ̀wọ̀ béèrè bóyá rẹ́fúrẹ́ǹsì ló fà á, àti ohun tó sọ. Àwọn kan á dáhùn tààrà, ímeèlì yẹn sì wúlò ju ohunkóhun lọ, nítorí ẹni tó ń bẹ̀bẹ̀ fún owó ìtánràn gbọ́dọ̀ fi hàn pé rẹ́fúrẹ́ǹsì yẹn ló jẹ́ kí òun pàdánù iṣẹ́.

Òfin ìpamọ́ àkọsílẹ̀ fún yín láyè láti béèrè ohun tí ilé iṣẹ́ kọ nípa yín, ọ̀fẹ́ ni, oṣù kan ni wọ́n sì sábà ní láti dáhùn. Ṣùgbọ́n àlàfo ńlá kan wà níbẹ̀: láti 2018, rẹ́fúrẹ́ǹsì tí wọ́n kọ ní ìkọ̀kọ̀ kò sí lára ohun tí wọ́n gbọ́dọ̀ kó fún yín, yálà lọ́wọ́ ẹni tó kọ ọ́ tàbí lọ́wọ́ ẹni tó gbà á. Wọ́n lè yàn láti fún yín, wọ́n sì lè kọ̀. Nítorí náà, ẹ má béèrè rẹ́fúrẹ́ǹsì nìkan. Ẹ béèrè fáìlì iṣẹ́ yín, ìwé ìkìlọ̀, àti ímeèlì tó dárúkọ yín nípa ìwádìí náà. Bí fáìlì bá mọ́, tí rẹ́fúrẹ́ǹsì sì dọ̀tí, ẹ ti rí ohun tí ẹ lè gbé lọ bá lọ́yà. Bí ẹjọ́ bá sì dé kóòtù, adájọ́ lè pàṣẹ pé kí wọ́n mú rẹ́fúrẹ́ǹsì náà jáde.

Lẹ́yìn ìyẹn ni ẹ ó kọ̀wé sí ọ̀gá àtijọ́. Lẹ́tà Bọ́sẹ̀ kò ní ju ojú ewé kan lọ: ìlà tí kò tọ̀nà, ẹ̀rí tó fi hàn pé kò tọ̀nà (déètì méjèèjì), àtúnṣe tó fẹ́, àti pé kí wọ́n fi àtúnṣe náà ránṣẹ́ sí ibi tuntun láàárín ọjọ́ méje. Kí ó má bú ẹnikẹ́ni nínú rẹ̀, nítorí adájọ́ lè kà á lọ́la. Ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ máa ń ṣàtúnṣe níbí, torí lọ́yà wọn mọ Spring dáadáa.

Bí wọn ò bá ṣe é, ọ̀nà ẹjọ́ ló máa sọ iye àkókò. Fún ojúsàájú tàbí ẹ̀san, kóòtù òṣìṣẹ́ ni, ẹ sì gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ gba ọ̀dọ̀ ACAS kọjá. Ẹ ṣe bí ẹni pé oṣù mẹ́ta ó dín ọjọ́ kan ni ẹ ní láti ọjọ́ tí wọ́n sọ ọ̀rọ̀ náà, kì í ṣe láti ọjọ́ tí ẹ gbọ́ ọ. Ìbanilórúkọjẹ́ ní ọdún kan. Ẹjọ́ àìfarabalẹ̀ bíi ti Spring ní ọdún 6, ní kóòtù gbogbogbòò, níbi tí owó ìwọlé wà, tí ẹni tó bá pàdánù sì lè san lára owó lọ́yà ẹnìkejì. Fún Bọ́sẹ̀, tí kò sí ojúsàájú nínú tirẹ̀, ọ̀nà kẹta yìí ló bá ọ̀rọ̀ rẹ̀ mu jù, kò sì yẹ kó gbà á bí kò bá tíì ní ímeèlì láti ibi tuntun lọ́wọ́. Ohun tó máa ràn án lọ́wọ́ jù níbi tó bá tún wá iṣẹ́ lọ ni pé kó ṣáájú sọ fún mánéjà wọn fúnra rẹ̀ pé ìbéèrè kan wà lórí oògùn tí wọn ò parí, kó sì fi déètì méjèèjì ránṣẹ́ kí rẹ́fúrẹ́ǹsì tó dé.